Bí A Ṣe Ń Tún Ìwé Ìlànà Ìdánwò Yunifásítì Kọ Tí Akẹ́kọ̀ọ́ Kò Fi Ní Ṣì Í Gbọ́

Ìwé ìlànà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìdánwò, tàbí tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí akẹ́kọ̀ọ́ kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, inú òfin yunifásítì ni wọ́n ti sábà máa ń dà á kọ bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Ìgbìmọ̀ ló kọ òfin yẹn, àwọn ìgbìmọ̀ mìíràn ló sì ń lò ó. Wọ́n kọ ọ́ kó lè dúró gbọn-in níwájú ẹni tó bá fẹ́ bá yunifásítì jiyàn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí àyà rẹ̀ ń já lárọ̀ọ́ ọjọ́ ìdánwò kò wá jiyàn. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni ohun tó lè mú wọlé, ìgbà tó lè wọlé àti ìgbà tó lè jáde, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí i bí nǹkan bá yíwọ́.

Ẹni tí wọ́n gbé iṣẹ́ àtúnkọ yìí lé lọ́wọ́ ni mo ń bá sọ̀rọ̀: òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ìdánwò, akọ̀wé ẹ̀ka, tàbí olùkọ́ tí wọ́n kàn sọ fún pé kó tún un ṣe kó lè yé wọn. Mi ò ní lè mú gbogbo òfin ìdánwò lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó jẹ mọ́ ohun tí a kò gbọdọ̀ mú wọ gbọ̀ngàn ni màá tú palẹ̀, torí òun ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣì gbọ́ jù, ìjìyà rẹ̀ sì máa ń wúwo. Ẹni tó bá lè tún òfin yìí kọ dáadáa á mọ bí òun ṣe máa ṣe ìyókù.

Ẹ kọ́kọ́ wá òfin gan-an

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé ìlànà ọdún tó kọjá. Ìwé tí wọ́n ń dà kọ láti ọwọ́ dé ọwọ́ kì í pẹ́ yà kúrò lọ́nà. Ẹnì kan á yọ ọ̀rọ̀ kan, ẹlòmíràn á fi ìhalẹ̀ díẹ̀ kún un, nígbà tó bá sì fi máa tó ọdún mélòó kan, ìwé náà á ti máa sọ ohun tí òfin kò sọ. Ẹ lọ mú èyí tí sẹ́néètì tàbí ìgbìmọ̀ tó ní àṣẹ fọwọ́ sí, kí ẹ sì máa kọ nọ́ńbà abala tí ẹ bá lò sí ẹ̀gbẹ́ ìwé tiyín bí ẹ ṣe ń lọ. Bí ọ̀rọ̀ bá dé iwájú ìgbìmọ̀ ìbáwí, òfin yẹn ni wọ́n máa ṣí. Ẹ ò lẹ́tọ̀ọ́ láti dín in kù, bẹ́ẹ̀ ni ẹ ò lẹ́tọ̀ọ́ láti mú un le jù bó ṣe wà lọ.

Ẹ jẹ́ ká gbà pé òfin tó wà lọ́wọ́ yín kà báyìí:

> Akẹ́kọ̀ọ́ kankan kò gbọdọ̀ mú ìwé, àkọsílẹ̀ tàbí ohun èlò èyíkéyìí tí a kò fọwọ́ sí wọ inú gbọ̀ngàn ìdánwò, yálà ó lò ó tàbí kò lò ó, àyàfi pẹ̀lú àṣẹ alámòójútó àgbà, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì rú òfin yìí lè gba ìjìyà tí ó lè tó ìfagilé ìdánwò náà, ìdádúró fún ìgbà kan, tàbí lílé kúrò ní yunifásítì, gẹ́gẹ́ bí ìgbìmọ̀ ìbáwí bá ti pinnu.

Gbólóhùn kan ṣoṣo ni gbogbo ìyẹn o. Kò sí irọ́ nínú rẹ̀, kò sì sí àṣìkọ. Ẹni tó bá kà á lẹ́ẹ̀mẹta nínú ilé rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú lè rí ìtumọ̀ rẹ̀ mú. Ẹni tó ń kà á lórí ìdúró, tí èrò ń tì í lẹ́yìn, ọ̀rọ̀ méjì péré ló máa kù sí i lọ́kàn: "kò gbọdọ̀" àti "lílé".

Ẹ fọ̀rọ̀ wá gbólóhùn náà lẹ́nu wò

Ẹ mú bébà kan, kí ẹ máa bi gbólóhùn náà ní ìbéèrè. Ta ló kàn? Kí ni kò gbọdọ̀ ṣe? Ibo ni òfin náà dé, láti ìgbà wo títí di ìgbà wo? Ta ni wọ́n yọ sílẹ̀? Kí ni ìjìyà rẹ̀, ta ló sì ń pinnu rẹ̀? Ẹ kọ ohun tó bá dáhùn sílẹ̀. Èyí tí kò bá dáhùn, ẹ fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an ni akẹ́kọ̀ọ́ máa fi èrò ara rẹ̀ dí.

Nínú àpẹẹrẹ wa yìí, àlàfo tó yọjú kò kéré. Bí fóònù bá wà nínú báàgì tí akẹ́kọ̀ọ́ gbé kalẹ̀ níwájú gbọ̀ngàn, ṣé ó ti mú un wọlé ni? Bí ó bá jáde lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀, tó sì lọ wo bébà tó ti fi pamọ́ síbẹ̀, ṣé inú gbọ̀ngàn nìyẹn? Àṣẹ alámòójútó àgbà ńkọ́, ṣé èèyàn lè tọrọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ ọjọ́ náà, àbí ó ti gbọ́dọ̀ gbà á ṣáájú? Àti pé níbo ni wọ́n kọ ohun tí wọ́n fọwọ́ sí sí?

Ẹ má fúnra yín dáhùn wọn. Ẹ kó wọn lọ sí ọ́fíìsì ìdánwò, kí ẹ sì gba èsì ní kíkọ. Nígbà mìíràn, ẹ máa rí i pé alámòójútó kan á ní báàgì kò léwu, èkejì rẹ̀ á ní ó léwu. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fi ìlà yẹn sílẹ̀ títí àwọn aláṣẹ yóò fi pinnu. Bí ẹ bá fi èdè dídùn bo ohun tí wọn kò tíì pinnu mọ́lẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló máa fi orí ara rẹ̀ gbà á.

Ká ní èsì tí wọ́n fún wa nìyí. Báàgì níwájú gbọ̀ngàn kò burú, bí fóònù inú rẹ̀ bá ti wà ní pípa. Òfin náà de ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ títí akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi fi ìwé ìdáhùn rẹ̀ lé alámòójútó lọ́wọ́. Àṣẹ sì gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ láti ọ́fíìsì ìdánwò, ó kéré tán ọjọ́ 5 ṣáájú ìdánwò. Àwọn èsì yìí ni màá lò láti ibí lọ. Tiyín lè yàtọ̀.

Ẹ ya níní sọ́tọ̀ kúrò lára lílò

"Yálà ó lò ó tàbí kò lò ó": àárín gbólóhùn gígùn ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ yìí há, òun sì ni ọ̀pá ìdíwọ̀n gbogbo òfin náà. Lọ́kàn ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, màgòmágó ni kéèyàn wo ìdáhùn níbi tí kò yẹ. Bí fóònù rẹ̀ bá wà nínú àpò, tó ti pa á, tí kò sì fọwọ́ kàn án, ó gbà pé ọwọ́ òun mọ́. Bí wọ́n bá wá bá a lára rẹ̀, ó máa sọ pé òun kò lò ó, òótọ́ ló sì ń sọ. Ìgbìmọ̀ náà á sọ fún un pé àwọn kò bi í bóyá ó lò ó, òótọ́ ni àwọn náà ń sọ. Ìwé ìlànà ló yẹ kó ti parí ọ̀rọ̀ yìí kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ fún un ní gbólóhùn tirẹ̀, ẹ dárúkọ nǹkan tó wà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn, kí ẹ sì sọ àwáwí tí wọ́n máa ń ṣe kí wọ́n tó rí i ṣe:

> Bí fóònù bá wà lára rẹ nígbà ìdánwò, o ti rú òfin. O rú òfin bí o bá tilẹ̀ ti pa fóònù náà. O rú òfin bí o kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án. "Lára rẹ" ni àpò aṣọ rẹ, orí àti inú tábìlì rẹ, orí àti abẹ́ àga rẹ.

Ìlà tó kẹ́yìn yẹn lè dà bí àsọdùn. Kì í ṣe àsọdùn, torí ẹni tí wọ́n bá bá fóònù lábẹ́ àga rẹ̀ á ní abẹ́ àga kì í ṣe ara òun. Ẹ sì wo bí mo ṣe pe akẹ́kọ̀ọ́ ní "o", bí ìwé ìbéèrè ṣe máa ń pè é nígbà tó bá ní "dáhùn ìbéèrè mẹ́ta". Bí ẹ bá kọ "akẹ́kọ̀ọ́ kankan kò gbọdọ̀", ẹni tó ń kà á lè rò pé àwọn kan níbòmíràn ni ẹ ń bá wí.

Ibì kan wà tó gba ìṣọ́ra gidigidi. Òfin yunifásítì mìíràn máa ń ní "mọ̀ọ́mọ̀" nínú: ẹni tó bá *mọ̀ọ́mọ̀* mú nǹkan wọlé. Bí ọ̀rọ̀ yẹn bá wà nínú òfin tiyín, ẹ ò gbọdọ̀ yọ ọ́ nítorí pé ẹ fẹ́ kí gbólóhùn kúrú. Ẹni tí fóònù ọmọ rẹ̀ wà nínú àpò kóòtù rẹ̀ láìmọ̀ jàre lábẹ́ òfin tó ní "mọ̀ọ́mọ̀", ó sì jẹ̀bi lábẹ́ èyí tí kò ní in.

Lẹ́yìn èyí, ẹ bá ẹni tó gbàgbé sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé ìlànà ni kò dárúkọ rẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ òun ló pọ̀ jù. Ìdánwò ti bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan àpò, ó rí i pé fóònù wà níbẹ̀. Níwọ̀n bí kò ti sí ohun tí wọ́n sọ fún un pé kó ṣe, ṣe ló máa tì í wọnú lọ, á máa wo ọ̀tún wo òsì, alámòójútó á sì fura sí i. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ́fíìsì ìdánwò ohun tí wọ́n fẹ́ kó ṣe, kí ẹ kọ ọ́ ní ìlà kan: "Bí o bá rí i pé fóònù wà lára rẹ, gbé ọwọ́ sókè lójú ẹsẹ̀, kí o sì fi í lé alámòójútó lọ́wọ́." Bí wọ́n bá gbà kí ẹ fi kún un pé àkọsílẹ̀ máa fi hàn pé akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ló fà á kalẹ̀, ẹ fi kún un. Ẹ má ṣèlérí pé kò ní jìyà, àyàfi bí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín ní kíkọ.

Ẹ to ohun tó lè wọlé, ẹ fi èyí tí kò lè wọlé sílẹ̀

Ohun tó máa ń wá séèyàn lọ́kàn ni kó máa to nǹkan tí a kò fẹ́: fóònù, ìwé, bébà, ohun tí wọ́n ń kì bọ etí, aago tó ń gba àtẹ̀jíṣẹ́. Àtẹ bẹ́ẹ̀ kò lópin. Lọ́dún tó ń bọ̀, nǹkan tuntun á dé ọjà, ẹnì kan á sì sọ pé òun kò rí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Bí ẹ bá sì sá fún èyí, tí ẹ kọ "ohun èlò èyíkéyìí tí a kò fọwọ́ sí", ẹ ti fi iṣẹ́ ìtúmọ̀ lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́.

Ẹ yí i padà. Ohun tó lè wà lórí tábìlì kò ju mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án lọ, ẹ sì lè tò wọ́n tán:

> Nǹkan wọ̀nyí nìkan ló lè wà lára rẹ tàbí lórí tábìlì rẹ: káàdì ìdánimọ̀, bírò, pẹ́ńsù, rúlà, írésà, aago ọwọ́ lásán tí kò lè gba àtẹ̀jíṣẹ́, omi nínú ike tó mọ́ gaara tí kò sí bébà lára rẹ̀. Bí ojú ìwé àkọ́kọ́ nínú ìwé ìbéèrè bá gbà ọ́ láyè láti lo ẹ̀rọ ìṣírò, ó lè wà níbẹ̀ pẹ̀lú.
>
> Fi gbogbo ohun mìíràn sínú báàgì rẹ, kí o sì gbé báàgì náà síwájú gbọ̀ngàn.

Ọ̀rọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni "nìkan" àti "gbogbo ohun mìíràn". Nǹkan tuntun yòówù kó dé, akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ ibi tó máa fi í sí, kò sì nílò kó bi ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ rí i dájú pé àtẹ náà pé. Bí ẹ bá gbàgbé awò ojú, òǹkàwé kan tí kò ní nǹkan ṣe lè sọ pé ẹ ní kí wọ́n máa bọ́ awò. Ẹ kọ "aṣọ tó wà lọ́rùn rẹ, awò ojú àti ohun ọ̀ṣọ́ kò sí nínú kíkà yìí" bí ẹ bá rò pé ó yẹ. Àwọn tó ń jiyàn kò tíì tán láyé.

Ní ti ẹ̀rọ ìṣírò, ẹ má kọ pé wọ́n lè mú "èyí tó yẹ" wọlé. Ẹ sọ irú èyí tí wọ́n gbà, tàbí irú èyí tí wọn kò gbà: èyí tí a lè tọ́jú ọ̀rọ̀ sí, èyí tó lè bá ẹ̀rọ mìíràn sọ̀rọ̀. Bí yunifásítì bá ní àtẹ orúkọ àti nọ́ńbà àwọn tó fọwọ́ sí, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ìwé náà.

Àwọn tí wọ́n yọ sílẹ̀ ló kàn. Akẹ́kọ̀ọ́ kan lè ní àtọ̀gbẹ, kí ẹ̀rọ tó ń wọn ṣúgà ara rẹ̀ máa fi èsì ránṣẹ́ sí fóònù. "Àyàfi pẹ̀lú àṣẹ" kò sọ ohun tó máa ṣe fún un. Ẹ kọ ọ́ bí ìgbésẹ̀: "Bí ìlera rẹ bá gba pé kí ẹ̀rọ kan wà lára rẹ, lọ gba ìwé àṣẹ ní ọ́fíìsì ìdánwò, ó kéré tán ọjọ́ 5 ṣáájú ìdánwò. Mú ìwé náà dání. Alámòójútó kò lè fún ọ ní àṣẹ yìí lẹ́nu ọ̀nà." Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ló ń gba akẹ́kọ̀ọ́ àti alámòójútó lọ́wọ́ ẹ̀bẹ̀ ẹnu ọ̀nà. Ó sì yẹ kí ìlà yìí ti dé ọwọ́ wọn ju ọjọ́ 5 lọ ṣáájú. Ìwé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí lára ògiri láàárọ̀ ọjọ́ náà kò wúlò fún èyí mọ́.

Ìjìyà: ẹ sọ ohun tó túmọ̀ sí àti ẹni tó ń pinnu

Ẹ padà sí òfin yẹn, kí ẹ wo "lè gba ìjìyà tí ó lè tó". Akẹ́kọ̀ọ́ méjì á kà á, wọ́n á sì gbọ́ ohun méjì. Ọ̀kan á gbọ́ pé wọ́n máa lé òun. Èkejì, tó ti rí "lè" lẹ́ẹ̀mejì, á gbọ́ pé wọ́n kàn ń halẹ̀ ni. Ohun tí òfin náà ń sọ kò sí nínú méjèèjì: ìgbìmọ̀ ìbáwí máa gbọ́ ẹjọ́, bó bá sì rí i pé akẹ́kọ̀ọ́ jẹ̀bi, ó máa mú ọ̀kan nínú ìjìyà mẹ́ta.

Kí ẹ tó kọ ìyẹn, ẹ rí i pé ẹ mọ ohun tí ìjìyà kọ̀ọ̀kan jẹ́. "Ìfagilé ìdánwò náà" ló léwu jù níbí, torí ó dà bí ẹni pé ó ṣe kedere. Ṣé kọ́ọ̀sì kan yẹn nìkan ni wọ́n máa fagi lé, àbí gbogbo ìdánwò tí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ní sáà ẹ̀kọ́ yẹn? Ṣé òdo ni wọ́n máa kọ fún un, tàbí wọ́n á kà á sí ẹni tí kò wá? Ṣé àwọn máàkì tó ti gbà nínú iṣẹ́ kíláàsì ṣì wà? Ṣé ó lè tún un ṣe, ìgbà wo sì ni? Àwọn ìdáhùn wọ̀nyí jìnnà síra wọn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹlòmíràn fi lè fi ọdún kan gbáko kún ọdún tó máa lò ní yunifásítì. Bákan náà, "fún ìgbà kan" kò ní ìwọ̀n. Ẹ wá ìwọ̀n rẹ̀ nínú òfin. Bí òfin kò bá sọ ọ́, ẹ má fi nọ́ńbà kankan síbẹ̀.

Ká ní ẹ ti rí èsì gbà, ó lè wá rí báyìí:

> Bí o bá rú òfin yìí
>
> Nínú gbọ̀ngàn: alámòójútó máa gba ohun tó rí lára rẹ, ó sì máa kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sínú ìwé ẹ̀sùn. Wàá ka ohun tó kọ, wàá sì fọwọ́ sí i. Bí o bá fọwọ́ sí i, ohun tó túmọ̀ sí ni pé o ti kà á. Kò túmọ̀ sí pé o jẹ́wọ́. O lè kọ ọ̀rọ̀ tìrẹ sí abẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, máa bá ìdánwò rẹ lọ.
>
> Lẹ́yìn ìdánwò: ìgbìmọ̀ ìbáwí máa pè ọ́. Bí wọ́n bá rí i pé o jẹ̀bi, wọ́n máa fún ọ ní ọ̀kan nínú ìjìyà wọ̀nyí: òdo nínú kọ́ọ̀sì náà, ìdádúró kúrò ní yunifásítì fún sáà ẹ̀kọ́ kan tàbí méjì, lílé kúrò ní yunifásítì pátápátá. Alámòójútó kọ́ ló ń yan ìjìyà.

Èyí gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn bà yín lẹ́rù. Kí ìwé rọrùn kò túmọ̀ sí kó kúrú. Ìlà tó sọ pé ìfọwọ́sí kì í ṣe ìjẹ́wọ́ nìkan tó láti pa aáwọ̀ tó pọ̀ nínú gbọ̀ngàn, torí ìbẹ̀rù ìyẹn ló máa ń mú kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ láti fọwọ́ sí nǹkan, tàbí kó gba ìwé náà kó fà á ya, èyí tó sábà jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn lọ́tọ̀. "Máa bá ìdánwò rẹ lọ" náà ṣe pàtàkì, bó bá jẹ́ ohun tí òfin yín sọ nìyẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó rò pé ọ̀rọ̀ òun ti parí á dìde kúrò níbẹ̀. Bí ìgbìmọ̀ bá wá dá a láre lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò ní ìwé ìdáhùn tí wọ́n lè máàkì.

Ẹ fi ìjìyà sí ẹ̀gbẹ́ òfin tó ni í. Bí ẹ bá kó gbogbo ìjìyà jọ sí ìsàlẹ̀ ìwé, ẹni tó dé pẹ́ lè rò pé lílé kúrò ní yunifásítì kan òun náà. Ẹ má sì halẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta fún ohun kan náà. Ìwé tó bá ń pariwo láti òkè délẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà ńlá ńlá, ojú ń fò ó ni. Lẹ́tà kékeré ní ìwọ̀n 12 ó kéré tán, àkòrí tó dúdú díẹ̀, ojú bébà kan: ó tó.

Àkókò: ẹ kọ ohun tí aago máa sọ

Òfin àkókò kò gba ariwo púpọ̀. Wọ́n sábà máa ń kọ pé kò sí ẹni tó máa wọlé lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kò sí ẹni tó máa jáde ní wákàtí àkọ́kọ́ tàbí ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó kẹ́yìn. Akẹ́kọ̀ọ́ wá ń ṣe ìṣírò tí kò sí nínú ìwé ìbéèrè. Bí ìdánwò bá jẹ́ láti 9:00 sí 12:00, ẹ bá a ṣe ìṣírò náà:

> 9:00 ìdánwò bẹ̀rẹ̀. 9:30 a ti ilẹ̀kùn; bí o bá dé lẹ́yìn èyí, o kò ní ṣe ìdánwò náà. 10:00 o lè fi ìwé ìdáhùn sílẹ̀ kí o sì jáde. 11:45 ẹnikẹ́ni kò lè jáde mọ́. 12:00 gbé bírò sílẹ̀. Bí o bá pẹ́ dé, a kò ní fi àkókò kún tìrẹ: 12:00 ni wàá parí.

Bí ìdánwò bá pẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí alámòójútó kọ àkókò márààrún tuntun sára pátákó, kí ìwé ìlànà sì sọ pé ti pátákó ló borí. Ohun kan kù: ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kò mọ̀ pé bí wọ́n bá ń kọ nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ wọn lẹ́yìn 12:00, wọ́n ṣì ń kọ̀wé. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ kí wọ́n tó dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́.

Ẹ fi ìtàn dán an wò

Ìbéèrè tí kò wúlò jù lọ tí ẹ lè bi akẹ́kọ̀ọ́ ni "Ṣé ó yé ọ?" Bẹ́ẹ̀ ni ló máa sọ. Ẹ wá akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà, kí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ti ọdún àkọ́kọ́, kí ẹ sì mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má baà máa wo ẹnu ara wọn. Ẹ fún wọn ní ìwé náà, ẹ sọ ìtàn kan, kí ẹ béèrè ohun tí wọ́n máa ṣe àti ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí wọn. Kí wọ́n fi ìka tọ́ka ìlà tó sọ bẹ́ẹ̀.

Àwọn ìtàn tó dára ni èyí tó wà lẹ́bàá ààlà. Fóònù ọ̀rẹ́ rẹ wà nínú àpò rẹ, bátìrì rẹ̀ ti tán pátápátá, ìdánwò ti bẹ̀rẹ̀ láti ìṣẹ́jú 10. Tàbí: o rí bébà kan tí ẹlòmíràn ti kọ nǹkan sí lábẹ́ tábìlì rẹ. Tàbí: o dé ní 9:25, ìgbà wo ni wàá parí? Tàbí: alámòójútó fẹ̀sùn kàn ọ́, ṣé kí o máa kọ̀wé lọ?

Ẹ tẹ́tí sí ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣìnà ju iye ẹni tó ṣìnà lọ. Ká ní ìlà kan wà nínú ìwé náà tó ní kí wọ́n pa fóònù kí wọ́n tó fi í sínú báàgì. Akẹ́kọ̀ọ́ kan á ní òun máa yọ ohùn rẹ̀ kúrò. Òmíràn á ní òun máa fi í sí ipò ọkọ̀ òfuurufú. Lójú tiwọn, wọ́n ti pa á. Báàgì á wá dún láàárín ìdánwò, torí àláàmù kì í ka ìyẹn sí, kódà fóònù mìíràn wà tí àláàmù rẹ̀ ń dún nígbà tó wà ní pípa gan-an. Ìlà náà á wá di: "Yọ gbogbo àláàmù kúrò. Lẹ́yìn náà, pa fóònù rẹ títí ojú rẹ̀ yóò fi ṣókùnkùn. Yíyọ ohùn rẹ̀ nìkan kò tó."

Bí ẹni méjì nínú mẹ́fà bá ṣi ìtàn kan náà, ẹ tún gbólóhùn náà kọ, kí ẹ sì wá ẹni mẹ́fà mìíràn. Àwọn ti àkọ́kọ́ kò wúlò mọ́ fún ìtàn yẹn, wọ́n ti mọ ìdáhùn. Bí wọ́n bá dáhùn dáadáa ṣùgbọ́n tí wọn kò lè tọ́ka ìlà kankan, ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ń sọ, ẹ ò tíì dán ìwé yín wò.

Kí ìwé náà tó jáde

Ẹ gbé e padà fún ẹni tó ń tọ́jú òfin yunifásítì, pẹ̀lú nọ́ńbà abala ní ẹ̀gbẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè tí ẹ máa bi í ni bóyá ìlà kankan wà tó jẹ́ kí ẹnì kan jẹ̀bi tí òfin dá láre, tàbí tó jẹ́ kí ẹnì kan jàre tí òfin dá lẹ́bi. Bí ẹ bá kàn ní kó "wò ó", ó lè dá gbogbo "èyíkéyìí" àti "gẹ́gẹ́ bí" padà síbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú ìkéde tí alámòójútó ń kà sókè kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tún un kọ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà tó wà nínú ìwé ìlànà. Bí ìwé bá ní "lára rẹ" tí alámòójútó sì ní "lọ́wọ́ yín", akẹ́kọ̀ọ́ máa mú èyí tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ìkéde náà kò gbọdọ̀ ju ìlà márùn-ún lọ, kó sì fún wọn ní ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn rẹ̀ láti yẹ àpò ara wọn wò kí wọ́n tó ṣí ìwé ìbéèrè.

Ẹ kọ ọjọ́ tí ìwé náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì rán ẹnì kan lọ já gbogbo ti àtijọ́ kúrò lára ògiri àti ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn kọ̀ọ̀kan, títí kan èyí tí wọ́n lẹ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀.